Ìlà Tí Kọ̀ǹpútà Fà, àti Ohun Tí Kò Lè Jẹ́rìí Sí

Bí ẹ bá ní òpó nọ́ńbà méjì lórí Excel tàbí Google Sheets, tí ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń bá ara wọn rìn, àwòrán tí wọ́n ń pè ní Scatter ni ẹ ó yà. Nọ́ńbà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn á di àmì kan ṣoṣo: tàkọ́kọ́, tí a ń pè ní x, ló ń sọ bí àmì náà ṣe jìnnà sí ọwọ́ òsì tó, tèkejì, y, ló ń sọ bó ṣe ga tó. Lórí Excel, ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún lórí ọ̀kan nínú àwọn àmì náà, ẹ mú Add Trendline, ẹ mú Linear, kí ẹ sì fàmì sí Display Equation on chart àti Display R-squared value on chart. Lórí Google Sheets, abẹ́ Customize, ní Series, ni Trendline wà.

Ìlà kan á la àárín àwọn àmì náà kọjá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ẹ ó ti rí ìṣirò tó ṣe àpèjúwe ìlà náà, àti nọ́ńbà kan tí wọ́n kọ R² síwájú rẹ̀, tí kì í kéré sí 0, tí kì í sì í ju 1 lọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pa ìwé dé. Wọ́n rí R² tó ga, wọ́n kọ ọ́ sínú iṣẹ́ wọn pé ọ̀rọ̀ ti yanjú. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbẹ̀, ká bi nọ́ńbà náà léèrè ohun tó mọ̀ gan-an.

Àkójọ nọ́ńbà tó dára jù lọ fún ẹ̀kọ́ yìí wà nílẹ̀ láti ọdún 1973. Francis Anscombe, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Yale nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde. Nígbà náà, àwọn kan gbà pé ìṣirò nìkan ló péye, pé àwòrán kò ju ohun ìfojúwò lásán. Anscombe dìídì ṣètò àkójọ mẹ́rin láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ̀ wọ́n sínú òpó A títí dé F, kí orúkọ òpó wà lókè. Àkójọ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló jọ ń lo x. Àkójọ kẹrin ní tirẹ̀ lọ́tọ̀.

```
x   y1     y2    y3     x4  y4
10  8.04   9.14  7.46   8   6.58
8   6.95   8.14  6.77   8   5.76
13  7.58   8.74  12.74  8   7.71
9   8.81   8.77  7.11   8   8.84
11  8.33   9.26  7.81   8   8.47
14  9.96   8.10  8.84   8   7.04
6   7.24   6.13  6.08   8   5.25
4   4.26   3.10  5.39   19  12.50
12  10.84  9.13  8.15   8   5.56
7   4.82   7.26  6.42   8   7.91
5   5.68   4.74  5.73   8   6.89
```

Ní ibi tó ṣófo, ẹ tẹ ìwọ̀nyí fún àkójọ kìíní. Ẹ kíyè sí i pé y ló ń ṣáájú x nínú àkámọ́:

```
=SLOPE(B2:B12,A2:A12)
=INTERCEPT(B2:B12,A2:A12)
=RSQ(B2:B12,A2:A12)
```

Ẹ ó rí 0.50, 3.00 àti 0.67. Ohun tí èyí wí ni pé bí x bá fi 1 lé, ìlà á fi ìdajì gòkè, àti pé níbi tí x bá ti jẹ́ 0, ìlà á wà ní 3. Ẹ wá ṣe bẹ́ẹ̀ fún àkójọ kejì, ìkẹta àti ìkẹrin. Èsì kan náà ni gbogbo wọn máa mú wá: 0.50, 3.00, 0.67.

Kí a tó ya àwòrán wọn, ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí 0.67 ti wá, torí ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ṣe é kò ní bi í ní ohun tí kò mọ̀. Ẹ mú y1. Iye àárín rẹ̀, ìyẹn àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ tí a pín sí mọ́kànlá, jẹ́ 7.50. Ká ní ẹnì kan bo x mọ́lẹ̀, tó ní kí ẹ sọ iye tí y máa jẹ́. Kò sí ìdáhùn tó sàn ju 7.50 lọ, ẹ ó sì ṣì í. Níbi tí x ti jẹ́ 4, y jẹ́ 4.26, nítorí náà 3.24 ni ìyàtọ̀. Ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ó di nǹkan bí 10.50. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún àmì mọ́kànlá, ẹ rò ó pọ̀, ẹ ó rí 41.27.

Báyìí, wọ́n ṣí x fún yín, ẹ sì ń lo ìlà. Níbi tí x ti jẹ́ 4, ìlà sọ pé y máa jẹ́ 5. Ìyàtọ̀ ti wálẹ̀ sí 0.74, tó bá sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ó di 0.55. Àròpọ̀ gbogbo mọ́kànlá jẹ́ 13.76, èyí tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta 41.27. Ìdá kan nínú mẹ́ta ló ṣẹ́ kù, ìlà mú ìdá méjì kúrò, òun ni 0.67. Kì í ṣe gbogbo àmì ni ìlà ràn lọ́wọ́ o. Níbi tí x ti jẹ́ 13, y jẹ́ 7.58, iye àárín ì bá sún mọ́ ọn gan-an, ṣùgbọ́n ìlà sọ pé 9.5. Àròpọ̀ ni R² ń wò, kì í wo àmì kọ̀ọ̀kan.

Iṣẹ́ R² kò ju èyí lọ: ó fi ìlà wé iye àárín, ó ní báyìí ni ìlà ṣe dín ìyàtọ̀ kù tó. Kò béèrè bóyá ìlà tó gún ló bá àwọn àmì náà mu.

Ẹ ya àwòrán mẹ́rin náà. Tàkọ́kọ́ kò ní ìṣòro: àwọn àmì fọ́n ká yí ìlà ká, wọ́n ń gòkè lápapọ̀. Ìkejì tẹ̀ kọdọrọ bí ọrun ọdẹ. Ó gòkè títí x fi súnmọ́ 11, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Bí ẹ bá padà síbi tí ẹ ti mú Linear, tí ẹ mú Polynomial oníìpele 2, R² á di 1.0000. Àwọn àmì náà wà lórí ọ̀nà kan pàtó, ìlà tó gún ni kì í ṣe ọ̀nà wọn.

Ní ìkẹta, àmì mẹ́wàá tò lórí ìlà kan ṣinṣin, ẹyọ kan, níbi tí y ti jẹ́ 12.74, sì fò sókè. Ẹyọ kan yìí ló fa ìlà náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ẹ yọ ọ́: SLOPE á bọ́ láti 0.50 sí nǹkan bí 0.35, R² á sì di 1.00. Mi ò ní kí ẹ pa á rẹ́. Bóyá ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló ṣì í, bóyá òun gan-an sì ni ohun tó ṣe pàtàkì jù. Ẹ padà sórí ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ kọ nọ́ńbà náà sí kí ẹ tó ṣe ìpinnu, nítorí kò sí ìṣirò tó lè dáhùn ìbéèrè yẹn fún yín.

Ìkẹrin ló burú jù lójú mi. Àmì mẹ́wàá dúró lórí ara wọn níbi tí x ti jẹ́ 8. Ẹyọ kan dá wà níbi 19. Gbogbo ìgòkè ìlà náà, orí ẹyọ kan yẹn ló dúró lé. Ẹ yọ ọ́, SLOPE àti RSQ á sọ pé #DIV/0!, torí pé x kò yí padà mọ́ rárá. Síbẹ̀, kí ẹ tó yọ ọ́, 0.67 wà níbẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan.

Ìbéèrè tó kàn ni ti okùnfà: ṣé x ló mú kí y yí padà? Ẹ padà sí àkójọ kìíní, kí ẹ yí òpó méjèèjì po nínú àkámọ́:

```
=RSQ(A2:A12,B2:B12)
=SLOPE(A2:A12,B2:B12)
```

SLOPE yí padà, ó di 1.33. Ṣùgbọ́n R² kò mì. Iye kan náà ló ṣì jẹ́. Bí R² bá mọ̀ pé x ló ń fa y, kò yẹ kó sọ ohun kan náà nígbà tí a bá ní y ló ń fa x. Kò mọ èyí tó ṣáájú rárá, kò sì mọ̀ bóyá nǹkan mìíràn tí kò sí nínú àtẹ náà ló ń fa àwọn méjèèjì. Ẹ ro ti obìnrin kan tó ń kọ iye àpò omi tútù tó ń tà lóṣooṣù sílẹ̀, tí ọkùnrin kan ní ìsọ̀ kejì sì ń kọ iye fáànù tó ń tà. Ní àkókò ooru, méjèèjì á gòkè. Nígbà òjò, méjèèjì á wálẹ̀. Ìlà á gún régé, R² á ga, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ra fáànù nítorí pé ó mu omi. Ooru ni, a kò sì kọ ooru sílẹ̀ ní òpó kankan. Ohun méjì tó bá ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà, bí wọn kò tilẹ̀ mọ ara wọn rí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ okùnfà, ẹ ní láti wá ọ̀nà yí x padà fúnra yín, kí ẹ di àwọn nǹkan yòókù mú, kí ẹ wá wo ohun tí y máa ṣe.

Ìlà náà kì í sì í mọ ibi tó yẹ kó dúró. Excel ní Forecast tó lè fà á gùn kọjá àmì tó kẹ́yìn. Nínú àkójọ kejì, x kò kọjá 14. Bí ẹ bá fà á dé 20, ìlà tó gún sọ pé y máa jẹ́ 13. Ìlà tó tẹ̀, tó ṣe déédéé pẹ̀lú gbogbo àmì tí a ní, sọ pé ó máa bọ́ sísàlẹ̀ òdo, sí nǹkan bí -1. Àmọ́ kì í ṣe pé a fọkàn tán ìlà tó tẹ̀ náà ní 20. Kò sí àmì kankan níbẹ̀ tó lè dá èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì láre.

Ẹ má sì máa gbé ìpele Polynomial sókè kí R² lè ga. Excel gbà dé ìpele 6, gbogbo ìgbà tí ẹ bá fi ìpele kan kún un ni R² á pọ̀ sí i tàbí kó dúró síbi tó wà, kò ní dínkù láé. Ìlà náà á kàn máa lọ́ tẹ̀lé àmì kọ̀ọ̀kan ni.

Ọ̀nà kan wà láti rí ohun tí R² fi pamọ́, ó sì rọrùn. Ní òpó G, ẹ kọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín y àti ìlà. Fún àkójọ kejì, ẹ tẹ èyí, kí ẹ fà á sísàlẹ̀ láti G2 dé G12:

```
=C2-(3+0.5*A2)
```

Ẹ wá ya àwòrán Scatter tuntun pẹ̀lú A àti G. Bí ìlà tó gún bá bá iṣẹ́ náà mu, àwọn àmì á fọ́n ká sókè sódò òdo láìsí ètò, bí ẹ ó ṣe rí i bí ẹ bá lo òpó B. Ti òpó C á bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ òdo, á gùn ún kọjá láàárín, á sì tún padà sísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ti òpó D á to àmì mẹ́wàá lọ́wọ̀ọ̀wọ́ sórí ìlà tó ń sọ̀kalẹ̀, á sì gbé ẹyọ kan sókè, ní nǹkan bí 3.24 lókè òdo.