Nígbà Tí Léèsì Tí Wọ́n Ti Sanwó Rẹ̀ Bá Tán

Àbúrò mi, oníbàárà ti sanwó léèsì yáàdì márùn-ún, o dé ọ̀dọ̀ ẹni tó o ti ń rà á ní Balógun, wọ́n ní ó ti tán. Mo mọ̀ pé ó máa ń ṣe wá bíi ká dákẹ́, ká máa wá a láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Jọ̀ọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ròde ní Sátidé ti bá télọ̀ sọ̀rọ̀, ọjọ́ télọ̀ lò ń jẹ bó o ṣe dákẹ́ yẹn. Bó o bá ṣe mọ̀ báyìí ni kó o ti sọ fún un.

Ká ní ₦45,000 ni léèsì, ₦3,500 sì ni owó ẹni tó máa gbé e lọ. Ohun tí èmi máa kọ nìyí:

“Ẹ káàárọ̀ mà. Léèsì aláwọ̀ ewé tí ẹ sanwó rẹ̀ lánàá ti tán, mi ò sì lè rí i fún yín mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo máa dá ₦48,500 padà, tòun ti owó ọkọ̀, sínú àkáǹtì tí ẹ fi sanwó, kó tó di aago méjì ọ̀sán òní. Mà á fi rísíìtì ránṣẹ́.”

Wò ó, mi ò tíì dárúkọ ọjà mìíràn. Owó ni kó kọ́kọ́ padà. Tó o bá ní kó mú aṣọ mìíràn nígbà tí owó rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, ó máa dà bíi pé o fẹ́ fi owó náà dè é mọ́lẹ̀.

Tó bá ní kó o san án sí àkáǹtì mìíràn, pè é lórí fóònù kó o gbọ́ ohùn rẹ̀, torí àwọn kan máa ń gba Wọ́sáàpù ẹlòmíì mọ́ ọn lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ káàdì ló fi sanwó, má ṣèlérí ọ̀sán òní. Owó káàdì máa ń gba ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó gbà á kó tó dé báńkì rẹ̀, ó sì lè gba ọjọ́ mélòó kan, Sátidé àti Sọ́ńdè ò sì sí nínú ọjọ́ iṣẹ́. Sọ ọjọ́ tó o dá owó náà padà fún un, kó lè mọ ohun tó máa bi báńkì.

Lẹ́yìn tí rísíìtì bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, fi àwòrán ọjà méjì péré hàn án, èyí tó o ti fọwọ́ kàn, tó o sì mọ iye yáàdì tó kù. Àmọ́ tó bá jẹ́ aṣọ ẹbí, àwọ̀ mìíràn ò wúlò fún un. Kódà léèsì kan náà tó bá wá nínú ẹrù tuntun lè yàtọ̀ díẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, nítorí náà gbé méjèèjì sínú oòrùn kó o tó sọ pé ọ̀kan náà ni. Tí ẹlòmíì bá ní irú rẹ̀ gan-an, júwe ẹni náà fún un.

Kó o tó sinmi, yọ àwòrán léèsì yẹn kúrò níbi tó o gbé e sí, kí ẹlòmíì má tún sanwó rẹ̀.