Títún Ìwé Ẹ̀sùn Kọ Nítorí Owó Iná Tí Kò Tọ́

Ojú ìwé méjì gbáko ni aránṣọ kan kọ ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná. Ó pe àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní olè, ó ròyìn bí iná kì í ti í sábà wà, ó sì sọ bí ọjà kò ti tà. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni ó tó wí pé bíìlì oṣù kẹsàn-án pọ̀ jù, kí wọ́n "bá òun wo ọ̀rọ̀ náà." Bóyá òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n akọ̀wé tí ó bá kà á kò ní mọ àkáǹtì tí yóò ṣí, tàbí iye tí yóò yọ kúrò. Bí ó bá sì wo ọ̀rọ̀ náà tí kò ṣe nǹkan kan, ó ti ṣe ohun tí a bẹ̀ ẹ́.

Olùkọ́ tí ó bá aránṣọ náà tún ìwé kọ kọ́kọ́ mú un lọ sí ìdí mítà. Ohun tí bíìlì wí ni pé mítà wà ní 4,060 ní oṣù tí ó ṣáájú, àti pé nígbà tí ó di ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án, ó ti dé 4,810. Owó yúníìtì 750 ni wọ́n sì ń béèrè. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá tí àwọn méjèèjì dúró níbẹ̀, 4,228 ni wọ́n rí. Mítà kì í ka padà sẹ́yìn. Ohun tí kò tíì dé 4,810 lónìí kò lè ti dé ibẹ̀ ní ọjọ́ méjìlá sẹ́yìn.

Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ó ka mítà fẹ́ kọ 4,180, kí ó sì ṣi 1 àti 8 gbé. Olùkọ́ kò jẹ́ kí aránṣọ kọ èyí, nítorí kò sí èyí tí ó rí i nínú wọn. Ó sì ní kí ó fi nọ́ńbà tí ó wà lára mítà wé ti inú bíìlì, kí ó má baà jẹ́ pé mítà ẹlòmíràn ni wọ́n kà. Ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ìwé tuntun kò ju ìdajì ojú ìwé lọ. Orúkọ, àdírẹ́sì, nọ́ńbà àkáǹtì àti nọ́ńbà mítà ni ó wà lókè, nítorí nọ́ńbà méjèèjì yàtọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn a sì máa fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ tẹ̀lé e:

"Bíìlì oṣù kẹsàn-án sọ pé mítà mi wà ní 4,810 ní ọjọ́ 30. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá, 4,228 ni mo bá níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rán òṣìṣẹ́ wá kà á lójú mi, kí ẹ fagi lé yúníìtì 750 náà, kí ẹ sì ṣe bíìlì mìíràn láti 4,060 títí dé iye tí ó bá bá lójú mítà. Ẹ má ṣe fi 4,810 bẹ̀rẹ̀ bíìlì oṣù kẹwàá. N óò san owó bíìlì tuntun náà."

Gbólóhùn nípa oṣù kẹwàá ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé. Bí 4,810 bá ṣì wà nínú ìwé wọn, àṣìṣe náà yóò tún wọ inú bíìlì tí ń bọ̀.

Ẹ̀dà méjì ni aránṣọ náà mú lọ. Wọ́n gba ọ̀kan, wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sára èkejì, òun náà sì gbé e padà sílé, ó fi í pamọ́ pẹ̀lú bíìlì náà.