Iná Tó Ń Padà Bọ̀ Ni Kí Ẹ Bẹ̀rù

Ẹ̀yin ajórin Atakpamé, ẹ gbọ́. Iná yóò lọ. Yóò lọ láàárín iṣẹ́. Yóò lọ lọ́jọ́ tí oníbàárà ń bọ̀ wá gba ilẹ̀kùn rẹ̀. Yóò lọ nígbà tí owó àsansílẹ̀ ti wọlé, tó sì ti di oúnjẹ ọmọ. Ọ̀rọ̀ bóyá yóò ṣẹlẹ̀ ti kúrò nílẹ̀. Iye ọjọ́ tó kù nìkan ló kù ká sọ, kò sì pọ̀ tó bí ẹ ṣe rò.

Àwọn kan ń tan ara wọn jẹ. Wọ́n ní ìdídò Nangbéto kò jìnnà sí wa, pé láti 1987 ló ti ń fi omi odò Mónò ṣe iná, pé iná wà lẹ́yìnkùlé wa. Ẹ yé fi ìyẹn ṣe ìrètí. Iná Nangbéto kì í ṣe ti Atakpamé. Inú okùn iná tí Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ jọ ń lò, lábẹ́ àjọ CEB tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1968, ló ń wọ̀. Mẹ́gáwáàtì 65 sì ni agbára rẹ̀, èyí tí kò lè tó orílẹ̀-èdè méjì láéláé. Ọ̀dọ̀ Gánà àti Nàìjíríà la ti ń ra púpọ̀ nínú ohun tí à ń lò. Nígbà tí omi ìdídò Akosombo fà ní Gánà ní 1998, àwa níbí la jẹ nínú ìyà rẹ̀. Ó tún fà ní 2006 wọ 2007, a tún jẹ ẹ́. Ta ló wá ṣèlérí fún yín pé ìyẹn ni ìkẹyìn?

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èyí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín ti ń ṣubú. Bí iná bá lọ, owó ọjọ́ kan ló bá a lọ. Bó bá ń padà bọ̀, ẹ̀rọ ló ń bọ̀ wá jẹ. Iná lọ, ẹ bínú, ẹ ju ọwọ́ ìjórin sílẹ̀, ẹ lọ jókòó sábẹ́ igi. Ínfátà yín ṣì wà ní títàn, píláàgì rẹ̀ ṣì wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Gbogbo àdúgbò ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú: fíríìjì, fáànù, ẹ̀rọ ìlọta, gbogbo wọn ń dúró. Nígbà tí iná bá dé, gbogbo wọn á fà á lẹ́ẹ̀kan náà. Fóltì á wálẹ̀, á ta sókè lójijì, iná lè tún lọ kó tún dé láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀rọ ìjórin àtijọ́, èyí tó kún fún wáyà bàbà, lè fara dà á. Ínfátà kò lè fara dà á. Àwọn ẹ̀yà kéékèèké inú rẹ̀ á jó lójú ẹsẹ̀, ẹ ò sì ní gbọ́ ju ìró kan ṣoṣo lọ.

Èyí tó burú jù ni kí wáyà nútúrà já lórí òpó lẹ́yìn ìjì. Iná 220 tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù yín lè gòkè kọjá 300. Àmì rẹ̀ kò fara sin. Gílóòbù yín á tàn yòò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ti aládùúgbò á máa ṣe bàìbàì, tàbí kí ó yí padà bí ẹnì kan bá ti tan ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹni tó rí èyí tó ṣì ń jórin ti fọwọ́ ara rẹ̀ dáná sun ẹ̀rọ. Ẹ yọ gbogbo píláàgì. Ẹ pe CEET. Kí ẹnikẹ́ni nínú yín má gun òpó.

Nítorí náà, bí iná bá lọ, ẹ pa ẹ̀rọ kí ẹ tó sọ̀rọ̀, ẹ yọ píláàgì kí ẹ tó jókòó. Gílóòbù kan péré ni kí ẹ fi sílẹ̀ láti ṣọ́nà. Bí iná bá dé, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ sì wo gílóòbù náà bóyá kò mì. Ẹ fi mítà kékeré tí àwọn oníná ń lò wọn fóltì. Bó bá wà láàárín 200 sí 240, ẹ bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí láàárín ìyẹn, ẹ dáwọ́ ìjórin dúró, ẹ máa fi ayùn gé irin. Ẹ̀rọ aṣọ́ná wà lọ́jà tó ń ṣe ìdúró yìí fúnra rẹ̀, tó sì ń gé iná tó bá ga jù tàbí tó bá lọ sílẹ̀ jù. Ẹ rà á, ṣùgbọ́n ẹ wo iye ampéà tí wọ́n kọ sí i lára. Èyí tí wọ́n ṣe fún fíríìjì kò lè gbé ẹ̀rọ ìjórin.

Nípa jẹnẹrétọ̀, àṣìṣe méjì ni mò ń rí, méjèèjì ló ń pa owó. Àkọ́kọ́ ni kí ènìyàn ra jẹnẹrétọ̀ kékeré tí agbára rẹ̀ kò ju 2 kVA lọ, kó sì rò pé òun yóò fi jórin. Kò ní ṣe é. Ọ̀pá ìjórin 2.5 ń fẹ́ ampéà bí 80. Ínfátà tó ń pèsè rẹ̀ á máa fa ohun tó lé ní 3 kVA. Ẹ ò gbọdọ̀ lọ sísàlẹ̀ 5 kVA fún un. Bó bá jẹ́ ọ̀pá 3.2 lẹ ń lò, ẹ wá bíi 6.5. Ẹ̀rọ bàbà àtijọ́ ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré wúlò fún ẹ̀rọ ìlọrin àti gílóòbù, ó tán síbẹ̀.

Àṣìṣe kejì ni kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ ńlá láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ mú ṣọ́ọ̀bù kan tí ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ méjì wà, tí wọ́n ń ṣe ilẹ̀kùn irin kan. Ká ní líìtà epo kan jẹ́ 700 fránkì. Bí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀ fún wákàtí mẹ́jọ, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ lásán nígbà tí wọ́n ń wọn irin, tí wọ́n ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, á lè jẹ líìtà mẹ́wàá. 7,000 fránkì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ká ní àwọn ọmọṣẹ́ ti fi ayùn gé gbogbo irin láàárọ̀, wọ́n ti fi fáìlì dán ẹnu wọn, wọ́n ti tò ó sórí ilẹ̀ títẹ́jú, wọ́n ti fi kílámpù dì í, ọ̀gá sì ti fi ìwọ̀n igun mú un. Ìgbà yẹn ni kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀. Wákàtí méjì á tó láti jó gbogbo rẹ̀ pọ̀ àti láti fi ẹ̀rọ ìlọrin dán an. Líìtà mẹ́rin, 2,800 fránkì. Wọ́n pa á, wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún ní ọ̀dà láìsí iná. Ilẹ̀kùn kan náà ni. 4,200 fránkì ló yà wọ́n, lójoojúmọ́ tí iná bá lọ. Ẹ má sọ fún mi pé jẹnẹrétọ̀ kò mú èrè wá nígbà tó jẹ́ pé ìtòlẹ́sẹẹsẹ iṣẹ́ ni ẹ kò ní.

Ìta ni kí jẹnẹrétọ̀ wà. Ohun tó ń pani nínú èéfín rẹ̀ kì í rùn. Kí ẹnikẹ́ni má sì ki wáyà jẹnẹrétọ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri láti fi tan gbogbo ilé. Iná náà á gba inú mítà jáde sórí òpó, á pa òṣìṣẹ́ CEET tó ń ṣàtúnṣe lókè. Nígbà tí iná ìjọba bá sì dé, jẹnẹrétọ̀ yín á jó.

Òkùnkùn tí iná tó lọ ń fà ni olè náà ń dúró dè. Kì í ṣe ilẹ̀kùn tí ẹ ń ṣe ló fẹ́, ó wúwo jù. Bàbà ló fẹ́: wáyà ìjórin yín, èyí tó máa jó rọ́bà ara rẹ̀ kúrò kí ó tó tà á ní kílò. Ẹ̀rọ ìlọrin ló tẹ̀ lé e, nítorí ó wọ inú àpò. Ohun méjì yìí kò gbọdọ̀ sùn nínú ṣọ́ọ̀bù onípáànù. Ẹ gbé wọn lọ sílé. Èyí tí ẹ kò lè gbé, ẹ fi ṣéènì dè é mọ́ irin tí ẹ ti rì sínú kọnkéré. Ajórin ni yín, ta ni ẹ fẹ́ kó wá ṣe é fún yín? Ẹ kọ nọ́ńbà ara ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi rìsíìtì pamọ́ sílé. Láìsí nọ́ńbà, kò sí bí ẹ ṣe máa fi hàn ọlọ́pàá pé tiyín ni.

Ẹ má gbàgbé irin oníbàárà. Bó bá sọnù lọ́wọ́ yín, gbèsè yín ni. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gba owó àsansílẹ̀ ni kí ẹ ra irin, lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á ni kí ẹ gé e. Irin gígùn tó ṣì tuntun ń tà kíákíá lọ́wọ́ olè. Èyí tí ẹ ti gé sí ìwọ̀n ilẹ̀kùn ẹnì kan kò wù ú tó bẹ́ẹ̀. Owó náà pẹ̀lú kò ní sí nílẹ̀ fún yín láti ná.

Ó ku ẹ̀rọ tó ń kú díẹ̀díẹ̀ lójú yín. Ẹ̀rọ ìlọrin kì í kú lójijì. Ó ń kìlọ̀. Kábọ̀n méjì inú rẹ̀ á jẹ tán, ó di kékeré, ẹ óò máa rí iná aláwọ̀ búlúù tó ń ta láti inú ihò ẹ̀yìn rẹ̀, á máa tan, á máa kú, ẹ óò máa gbá a lọ́wọ́ kó lè tún tan. Ìgbà yẹn ni owó rẹ̀ kéré jù. Kábọ̀n tuntun ni ẹ nílò. Bí ẹ bá ń gbá a lọ, iná náà á jẹ bàbà tí kábọ̀n ń fi ara lé, àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe á ní àwọn ní láti tún wáyà inú rẹ̀ wé, ẹ óò fi ẹ̀rọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn fún ọ̀sẹ̀ kan, ilẹ̀kùn ẹlòmíràn á pẹ́, onítọ̀hún á gba owó rẹ̀ padà, á sì sọ fún gbogbo ọjà. Ẹ ní kábọ̀n tuntun nípamọ́ nígbà gbogbo.

Ínfátà ní ọ̀tá tirẹ̀: ẹ̀tù irin. Fáànù inú rẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́, bí ẹ bá ń lọ irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀tù irin ni yóò fà wọlé, irin sì ń gbé iná. Ẹ gbé e jìnnà sí ibi ìlọrin, ó kéré tán mítà mẹ́ta. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ yọ píláàgì rẹ̀, ẹ dúró díẹ̀ kí iná inú rẹ̀ gbẹ, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ afẹ́táyà kí ó fẹ́ ẹ láti ìta. Ẹ fọwọ́ kan ibi tí wáyà ti so mọ́ ẹ̀rọ lẹ́yìn iṣẹ́. Bó bá gbóná ju wáyà fúnra rẹ̀ lọ, ó ti tú, ẹ dì í.

Nítorí ọjọ́ tí ẹ̀rọ máa bàjẹ́, ẹ fi 500 fránkì sílẹ̀ lójoojúmọ́ tí ẹ bá ṣiṣẹ́. Ọjọ́ 26 lóṣù, 13,000 ni. Ọdún kan, 156,000. Ẹ má fi í sínú dúrọ́ọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má fi í sọ́wọ́ ẹni tó ń yá yín lówó. Kí owó náà tó pé, ẹ lọ bá ajórin tó sún mọ́ yín, ẹ jọ kọ ọ́ sínú ìwé: bí ẹ̀rọ tèmi bá bàjẹ́, n óò fi tìrẹ jórin nírọ̀lẹ́, iye báyìí ni n óò san fún wákàtí kan, bákan náà ni ìwọ pẹ̀lú. Ẹ fọwọ́ sí i nísinsìnyí tí ẹ̀rọ ẹ̀yin méjèèjì ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí tirẹ̀ ti jó tán, iye tí ẹnì kejì bá sọ ni yóò san.