Ìdíyelé Iṣẹ́ Aránṣọ: Bí Èrè Yóò Ṣe Ṣẹ́kù Lẹ́yìn Ìnájà

Bí a bá rìn láti Ìjẹ̀gùn dé Ìkòtún, a ó rí i pé ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kò wọ́n. Nínú àwọn mìíràn, ẹ̀rọ kì í sinmi láti àárọ̀ di alẹ́, síbẹ̀ aránṣọ kò ní owó tí yóò fi ra sípù aṣọ tó wà nílẹ̀, àfi bí oníbàárà mìíràn bá san àsansílẹ̀ tirẹ̀. Àmì ni èyí pé iṣẹ́ wà, ṣùgbọ́n iye tí a dá lé e kò lè gba ìnájà mọ́ra. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a fẹ́ fi bí a ṣe ń dá iye lé aṣọ hàn ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ náà.

Ojú owó ni a ó kọ́kọ́ mọ̀. Ká ní oníbàárà gbé áńkárá wá kí a fi rán gáùnì. Àpẹẹrẹ lásán ni iye tí a ó lò. Kí olúkúlùkù fi ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Láínì, sípù, òwú àti gọ́ọ̀mù jẹ́ ₦4,000. Owó ṣọ́ọ̀bù, iná, epo jẹnẹrétọ̀ àti àtúnṣe ẹ̀rọ jẹ́ ₦60,000 lóṣù. Bí a bá ń rán aṣọ 30 lóṣù, ₦2,000 ni yóò kan aṣọ kọ̀ọ̀kan. Kí a má ṣe fi oṣù Kejìlá ka iye aṣọ yìí, nítorí iṣẹ́ ọdún kì í bá wa dé oṣù Kejì. Lẹ́yìn náà ni owó ọwọ́ aránṣọ, ₦6,000. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe èyí ní èrè, ṣùgbọ́n kì í ṣe èrè: bí a bá gbé aṣọ náà fún ẹlòmíràn rán, a ó san án fún un.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦12,000. Bí a bá fẹ́ èrè ₦2,000, a ó dé ₦14,000. Èyí ni ààlà tí a kò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀ kọjá. Kí a sì máa tún un ṣírò bí ọjà bá ti yí padà. Ní òpin oṣù Karùn-ún ọdún 2023, jálá epo bẹntiróòlù kan tí kò tó ₦200 ní Èkó di ₦488 láàárín ọjọ́ díẹ̀; ẹni tí kò ṣí ìwé ìṣirò rẹ̀ nígbà náà fi èrè rẹ̀ ra epo.

Nígbà náà ni a ó tó wá iye tí a ó pè é. Ká ní àwọn oníbàárà wa máa ń já ìdá kan nínú márùn-ún kúrò. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé a ó fi ìdá kan nínú márùn-ún ₦14,000 kún un, yóò di ₦16,800. Ṣùgbọ́n inú iye tó tóbi ni oníbàárà ti ń já tirẹ̀: yóò já ₦3,360, yóò ku ₦13,440, a ó sì ti wọ inú ààlà. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí a pín ₦14,000 sí mẹ́rin, kí a sì sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún: ₦17,500. Bí ó bá já ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀, ₦14,000 gan-an ni yóò kù.

Ẹ̀dínwó aṣọ ẹbí ni ibi tí èrè ti ń jò jù. Àwọn mẹ́wàá dé, wọ́n ná an dé ₦14,000, wọ́n tún ní: “Àǹtí, a pọ̀ o, ẹ yọ ẹgbẹ̀rún méjì fún wa.” Ká ní rírà láínì lápapọ̀ dín ₦500 kù lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan. ₦500 yẹn nìkan ni a lè fún wọn láìfọwọ́ kan èrè. Bí a bá yọ ₦2,000, èrè orí aṣọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, tí ì bá jẹ́ ₦20,000, yóò di ₦5,000.

Bí oníbàárà bá wá kọ̀ jálẹ̀, iṣẹ́ ni kí a dín, kì í ṣe owó: “Ẹ má bínú mà, bí a bá yọ láínì kúrò, a lè gba iye tí ẹ pè.” Bí kò bá gbà bẹ́ẹ̀ náà, kí a jẹ́ kí ó lọ ní àlàáfíà. Aṣọ tí a rán ní àdánù yóò gba ọjọ́ tí a ì bá fi rán èyí tó lérè.

Ìdánwò: Ààlà bùbá àti ìró kan jẹ́ ₦9,000, oníbàárà sì máa ń já ìdá kan nínú mẹ́rin. Èló ni kí a pè é? Ìdáhùn: ₦12,000.