Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Ímeèlì Láti Ọ̀dọ̀ Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Ìyá Ìbejì ń ránṣọ ní Àjàṣẹ́, ìlú tí a tún ń pè ní Pọ́tónófò. Ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ. Ní oṣooṣù, ó máa ń san 500 fàráǹkì. Owó yìí ni wọ́n ń pè ní owó ẹgbẹ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, fóònù rẹ̀ dún. Ímeèlì ti wọlé. Ímeèlì ni lẹ́tà tí a kọ sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, tí a sì fi ránṣẹ́ láìsí bébà. Ìyá Ìbejì kò mọ ìwé kà. Ó gbé fóònù fún Táyé pé kí ó kà á. Ohun tí akọ̀wé kọ nìyí:

Sí: Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́
Kókó ọ̀rọ̀: Ìpàdé, àti àbá lórí owó ẹgbẹ́
Àjàṣẹ́, 27 oṣù karùn-ún, 2024

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́. A pè yín sí ìpàdé ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù kẹfà, 2024, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nínú ilé ìpàdé wa lẹ́bàá ọjà Wando.

Owó ilé ìpàdé ti kúrò ní 12,000 fàráǹkì lóṣù, ó ti di 18,000. Àwa ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́ 40. Nítorí náà, ìgbìmọ̀ dá a lábàá pé kí owó ẹgbẹ́ kúrò ní 500 fàráǹkì, kí ó di 700, bẹ̀rẹ̀ láti 1 oṣù keje. Ìpàdé ni yóò pinnu.

Ẹni tí kò bá lè wá, kí ó jọ̀wọ́ fi tó mi létí kí ọjọ́ ìpàdé tó pé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Táyé ka lẹ́tà náà kíákíá. Ó ní, "Ìyá mi, owó ẹgbẹ́ ti di 700."

Ìyá mí kanlẹ̀. "Ó parí nìyẹn. Kí ni mo tún ń lọ ṣe ní ìpàdé? Màá jókòó ti ẹ̀rọ mi."

Kẹ́hìndé gba fóònù. Ó rọra tún un kà. "Ìyá mi, ẹ gbọ́ o. Wọn kò tíì pinnu. Wọ́n dá a lábàá ni. Àbá ni ohun tí ẹnì kan mú wá kí àwọn yòókù sọ bóyá wọ́n fẹ́ tàbí wọn kò fẹ́. Ìpinnu ni ohun tí wọ́n ti fẹnu kò lé lórí. Bí ẹ kò bá lọ, àwọn tó lọ ni yóò pinnu fún yín."

Ìyá ní, "Ó dára, màá lọ. Ṣùgbọ́n kí ni màá sọ níbẹ̀?"

Àwọn ìbejì mú síléètì wọn. Owó ilé fi 6,000 fàráǹkì lé sí i. Ogójì ènìyàn ni yóò pín in san.

6,000 ÷ 40 = 150
500 + 150 = 650

Kẹ́hìndé ní, "650 tó owó ilé. Ṣùgbọ́n 700 ni wọ́n kọ. Lẹ́tà yìí kò sọ ohun tí 50 tó kù wà fún. Ẹ bi wọ́n."

Ní ọjọ́ ìpàdé, Ìyá Ìbejì nawọ́ sókè. "Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, 650 tó owó ilé. Kí ni ẹ fẹ́ fi 50 tó kù ṣe?"

Akọ̀wé ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Ó yẹ kí a ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà. A fẹ́ máa fi ran ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá lọ́wọ́. 50 lọ́nà 40 jẹ́ 2,000 lóṣù."

Wọ́n jíròrò títí. Wọ́n gbà láti san 700, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí 2,000 ti àwọn aláìsàn wà nínú àpótí tirẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ímeèlì mìíràn dé. Lórí ìlà kókó ọ̀rọ̀, akọ̀wé kọ: "Ìpinnu ìpàdé lórí owó ẹgbẹ́." Lọ́tẹ̀ yìí, Táyé rọra kà á. Ó ní, "Ìyá mi, àbá ti di ìpinnu."

Dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí:
1. Ọjọ́ wo ni ìpàdé? Aago mélòó ni?
2. Ọ̀rọ̀ wo ló fi hàn pé aago mẹ́rin náà kì í ṣe ti òru?
3. Ọ̀rọ̀ wo ni Táyé kò kíyè sí nínú lẹ́tà àkọ́kọ́?
4. Kí ni akọ̀wé gbàgbé láti kọ?
5. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá jẹ́ 60, èló ni ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò fi kún owó ẹgbẹ́ fún 6,000 fàráǹkì ti owó ilé?