Wákàtí Ìwé Kíkà: Lẹ́tà Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́ sí Àwọn Olùkọ́

Lẹ́tà tó wà nísàlẹ̀ yìí ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa kọ sí gbogbo olùkọ́ nígbà tí wákàtí ìwé kíkà fẹ́ bẹ̀rẹ̀. A tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé àjọ̀dún yìí nítorí pé àwọn òbí ń bèèrè ìdí tí ilé-ẹ̀kọ́ fi ń jáde ní aago 2:10 dípò aago 2:00, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ sì ń bèèrè irú ìwé tí wọ́n lè fi ránṣẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi,

Mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú sáà tó ń bọ̀, gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ yóò máa kàwé fún wákàtí kan lójoojúmọ́, láti aago 10:40 títí di aago 11:40. Mo fẹ́ ṣàlàyé ibi tí a ti rí wákàtí náà, bí a óò ṣe lò ó, àti ohun tó lè bà á jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ní báyìí, ẹ̀kọ́ mẹ́jọ ni à ń ṣe lójúmọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń gba ìṣẹ́jú 40. Láti ìsinsìnyí lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gba ìṣẹ́jú 35. Ìyẹn fún wa ní ìṣẹ́jú 40. A ó gé ìṣẹ́jú 10 kúrò nínú ìpéjọ òwúrọ̀, èyí tí ìkéde máa ń fà gùn ju àdúrà lọ, a ó sì fi ìṣẹ́jú 10 sún àkókò ìjáde síwájú. Nítorí náà, ìpéjọ yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago 7:30, yóò parí ní aago 7:50. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin yóò tẹ̀ lé e títí di aago 10:10. Àwọn ọmọ yóò sinmi, wọn yóò sì jẹun títí di aago 10:40. Wákàtí ìwé kíkà ló kàn, lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ mẹ́rin yòókù yóò wáyé láti aago 11:40 títí di aago 2:00. Ìṣẹ́jú 10 tó gbẹ̀yìn wà fún àdúrà ìparí.

Àwọn kan nínú yín dá a lábàá pé kí a fi wákàtí náà sí òpin ọjọ́ kí ẹ̀kọ́ má baà dí. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní aago kan ọ̀sán, ooru ti mú yàrá, oorun a sì gbé ọmọ tó bá jókòó jẹ́ẹ́ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Bí a bá sì fi í sí ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́, àwọn tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá ni yóò máa pàdánù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn wọ̀nyẹn gan-an ni ìwé kì í sábà sí nílé wọn. Lẹ́yìn oúnjẹ, ara á ti balẹ̀, gbogbo ọmọ á sì ti dé.

Mo mọ̀ pé àdánù wà níbẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò tó ń wọ kíláàsì kan ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún lọ́sẹ̀ yóò pàdánù ìṣẹ́jú 25 lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mi ò sì ní ṣe bí ẹni pé ohun kékeré ni. Àmọ́ olùkọ́ ìṣirò kan náà ló wá bá mi ní sáà tó kọjá pé àwọn ọmọ rẹ̀ mọ bí a ṣe ń pín nǹkan, ṣùgbọ́n bí a bá kọ ìbéèrè náà ní gbólóhùn mẹ́ta, wọn kì í mọ ohun tí a ní kí wọ́n pín. Ọ̀dọ̀ ìwé kíkà ni àìsàn yẹn ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí a wo inú wákàtí náà. Ohun tó rọrùn jù ni kí a fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé, kí a ní kí gbogbo ilé dákẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní oríṣiríṣi ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ kan tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ láti yẹ àwọn ìwádìí lórí ìwé kíkà wò gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 2000. Wọ́n ní ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tó láti fi sọ pé kí ọmọ máa kàwé sínú, láìsí ìtọ́sọ́nà olùkọ́, ń mú kí ó túbọ̀ mọ̀ ọ́n kà. Wọn kò sọ pé kò wúlò. Wọ́n ní ẹ̀rí kò tíì tó. Èmi rí ìdí tó fi lè rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ti mọ̀wé kà yóò jẹ àǹfààní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n kà yóò kàn máa ṣí ojú ewé ni, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ̀. Nítorí náà ni a ṣe pín wákàtí wa sí ọ̀nà mẹ́ta.

Ní ìṣẹ́jú 10 àkọ́kọ́, olùkọ́ ni yóò kàwé sókè fún kíláàsì, kí àwọn ọmọ gbọ́ bí gbólóhùn ṣe ń dún lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n kà. Ní ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú, ìwé Yorùbá ni. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ Ẹtì, kí kíláàsì yan èyí tó wù wọ́n. Fún àwọn kíláàsì àárín, *Àjà ló Lẹrù* ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, tó jáde ní ọdún 1969, ni mo fara mọ́, nítorí ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni. Bí ìṣẹ́jú 10 bá pé, àwọn ọmọ yóò fẹ́ mọ ohun tó kàn. Mo fẹ́ràn Fágúnwà ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n gbólóhùn rẹ̀ gùn, ó sì nílò èémí. Ẹni tó bá fẹ́ ka *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀* sókè, kí ó kọ́kọ́ kà á nílé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Ìṣẹ́jú 35 tó tẹ̀ lé e ni ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò fi ka ìwé tirẹ̀ sínú, ní èdè tó bá wù ú. Ní ìṣẹ́jú 20 àkọ́kọ́ nínú rẹ̀, olùkọ́ náà yóò jókòó síwájú kíláàsì, yóò máa ka ìwé tirẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe máàkì ìwé àwọn ọmọ ní àkókò yìí, ẹ má sì kọ nóòtì. Ọmọ tó bá rí i pé olùkọ́ ń ṣe iṣẹ́ mìíràn yóò gbà pé a fi ìwé náà dá òun dúró lásán ni. Èmi náà yóò máa kà ní ọ́fíìsì, ìlẹ̀kùn yóò sì ṣí sílẹ̀.

Ní ìṣẹ́jú 15 yòókù, olùkọ́ yóò pe ọmọ mẹ́ta wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ náà yóò fi ohùn kékeré ka 100 ọ̀rọ̀ láti ibi tó bá dé nínú ìwé rẹ̀, olùkọ́ yóò sì máa fi igi ṣàmì èyí tó bá ṣì kà tàbí tí kò lè kà. Bí àmì kò bá ju márùn-ún lọ, ìwé náà bá a mu, kí ó máa bá a lọ. Bí ó bá jẹ́ mẹ́fà sí mẹ́wàá, ó lè kà á bí ẹnì kan bá ń ràn án lọ́wọ́. Bí ó bá ju mẹ́wàá lọ, kí a pààrọ̀ ìwé náà. Nínú ìwé Yorùbá, ẹ fetí sí ohùn dáadáa. Ọmọ tó bá pe ọkọ́ tí a fi ń ro oko ní ọkọ̀ tí à ń wọ̀, tí kò sì padà tún un ṣe nígbà tí gbólóhùn kò nítumọ̀, ti ṣì í kà. Èyí tó bá padà fúnra rẹ̀ láti tún un ṣe, ẹ má ṣàmì sí i, nítorí ó ń fi òye kà á ni. Ní kíláàsì tó ní ọmọ 42, ọmọ mẹ́ta lóòjọ́ yóò gba ọjọ́ ẹ̀kọ́ 14. Ìyẹn ni pé ẹ óò gbọ́ ohùn ọmọ kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta.

A ti dán èyí wò ní kíláàsì kan ní ẹ̀ka kékeré. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó máa ń mú ìwé tó nípọn jù nínú àpótí. Kì í pariwo, kì í sùn, ó sì ń ṣí ojú ewé déédéé. Inú olùkọ́ rẹ̀ dùn sí i títí tó fi rí i nínú àkọsílẹ̀ pé ó ń ka ọgbọ̀n ojú ewé láàárín ìṣẹ́jú 35, ohun tí èmi àgbà kò lè ṣe. Nígbà tí a ní kó ka 100 ọ̀rọ̀, ó ṣi 17 kà. A kò bá a wí. Olùkọ́ náà gbé ìwé mẹ́ta síwájú rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ *Aláwìíyé* tí J. F. Ọdúnjọ kọ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì ní kó yan èyí tó wù ú. *Aláwìíyé* ló mú. Ó ṣi mẹ́rin kà níbẹ̀. Ojú ewé mẹ́fà péré ló kà lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó sọ ohun tó wà nínú wọn fún wa.

Nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ní kí a má kọ orúkọ kíláàsì sára ìwé kankan. Gbogbo ìwé, èyí tó rọrùn àtèyí tó le, yóò wà nínú àpótí kan náà, kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni láti mú èyí tó tín-ín-rín. Àpótí kíláàsì kọ̀ọ̀kan yóò ní ìwé 60, kí ẹni tó dé kẹ́yìn lè rí nǹkan yàn. Ìwé tín-ín-rín tó ní ìtàn dídùn la ṣaláìní jù; àwọn ìwé atúmọ̀ èdè ńláńlá ti pọ̀ tó.

Ìṣẹ́jú 15 ìkẹyìn wà fún àkọsílẹ̀ àti ọ̀rọ̀ sísọ. Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò kọ orúkọ ìwé àti ojú ewé tó bá dé, kò ju ìlà méjì lọ. Ẹ má bèèrè àkótán lọ́wọ́ wọn, nítorí bí àkótán bá ti wọ̀ ọ́, wọn yóò máa wá ìwé tí àkótán rẹ̀ rọrùn. Kí ọmọ méjì tàbí mẹ́ta sọ ohun tí wọ́n bá pàdé nínú ìwé wọn, kí àwọn yòókù bi wọ́n léèrè. Lára àkọsílẹ̀ yìí ni ẹ óò ti mọ ẹni tó ń ṣe bí ẹni ń kàwé: ẹni tó ń pààrọ̀ ìwé lójoojúmọ́, ẹni tí ojú ewé rẹ̀ kò kúrò lójú kan, àti ẹni tí ìgbọ̀nsẹ̀ máa ń gbọ̀n ní aago 10:50 gẹ́lẹ́. Ẹni tí ètè rẹ̀ ń mì bó ṣe ń kà ní tirẹ̀ kò ṣe ohun búburú kankan. Ẹ fi í sílẹ̀.

Fún kíláàsì tó ń lọ fún ìdánwò àṣekágbá, mo gbà kí wọ́n ka àwọn ìwé lítíréṣọ̀ tí a yàn fún wọn ní wákàtí náà. Ìwé ìbéèrè àtijọ́ kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Bí a bá gba ìyẹn láàyè ní kíláàsì kan, kí sáà tó parí yóò ti dé gbogbo kíláàsì.

Kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan mú orúkọ ìwé tí yóò kọ́kọ́ kà sókè, àti ti èyí tí òun fúnra rẹ̀ yóò máa kà, wá fún igbá-kejì mi kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Àwọn àpótí yóò ti wà ní kíláàsì ní ọjọ́ Ajé.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́