Ta Ni Ó Ṣí Fèrèsé? Ibá-Ìṣẹ̀lẹ̀ Nínú Èdè Rọ́ṣíà

Nínú gírámà Yorùbá, a kọ́ wa pé ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ pín sí aṣetán àti àìṣetán. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀-ìṣe Rọ́ṣíà ṣe pín, ṣùgbọ́n ìlò wọn kò bá tiwa dọ́gba. Ẹni tí ó bá ń túmọ̀ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní àsìkò tí ó ti kọjá gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan nínú méjèèjì, èyí tí ó bá sì mú lè yí ìtumọ̀ padà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìbéèrè yìí: ta ni ó ṣí fèrèsé? Gbólóhùn kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún un. Ní èdè Rọ́ṣíà, bí a bá lo aṣetán, èyí tí Yorùbá lè pè ní *atikirílì*, ohun tí olùgbọ́ yóò rò ni pé fèrèsé náà ṣì wà ní ṣíṣí. Bí a bá lo àìṣetán, *atikirifálì*, yóò rò pé wọ́n ti tì í padà. Bóyá olùbéèrè wọlé, ó rí i pé fèrèsé wà ní títì, ṣùgbọ́n yàrá tutù. Ó wá fẹ́ mọ ẹni tí ó ti ṣí i ṣáájú.

Níbí ni akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ti lè ṣìnà. Ó lè rò pé àìṣetán ni “ń” wa, kí ó sì túmọ̀ ìbéèrè kejì sí “ta ni ó ń ṣí fèrèsé?” Lóòótọ́, àìṣetán Rọ́ṣíà lè ṣe iṣẹ́ “ń”, ṣùgbọ́n nínú ìbéèrè yìí, ṣíṣí náà ti parí, àbájáde rẹ̀ ni kò sí mọ́.

Nínú ọ̀rọ̀ ìdánwò, ìyàtọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. *Sidafálì*, tí í ṣe àìṣetán, sọ pé ọmọ náà jókòó ṣe ìdánwò. *Sidálì*, tí í ṣe aṣetán, sọ pé ó yege. Àwọn ará Rọ́ṣíà a máa sọ pé ẹnì kan *sidafálì* ṣùgbọ́n kò *sidálì*: ó ṣe é, kò yege. Nítorí náà, bí ìwé Gẹ̀ẹ́sì bá wí pé ọmọ kan ṣe ìdánwò lánàá, tí atúmọ̀ èdè sì mú aṣetán, ó ti fún ọmọ náà ní àṣeyọrí tí ìwé kò sọ.

Síbẹ̀, àìṣetán kò fi dandan túmọ̀ sí pé iṣẹ́ kò parí tàbí pé àbájáde rẹ̀ ti parẹ́. Bí a bá bi ènìyàn léèrè bóyá ó ti ka ìwé Tọlisitọ́ì kan rí, àìṣetán ni a sábà máa ń lò, bí ó tilẹ̀ kà á tán. Bóyá ó ti kà á rí ni ìbéèrè wà fún. Aṣetán ni a ó lò bí a bá ní kí ó kà á, tí a sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti parí rẹ̀.

Kí a tó mú ọ̀kan, nígbà náà, kí a kọ́kọ́ bi gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì náà pé: ṣé ìṣẹ̀lẹ̀ nìkan ni o ń ròyìn, tàbí ohun tí ó ti ìdí rẹ̀ yọ?